Bẹntiróòlù tó jò ní ilé epo: lítà mélòó ló dà, iná wo ló wà nítòsí?

Láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, púpọ̀ nínú yín ló ń tajà lẹ́bàá ilé epo, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń dúró sí. Bí ọkọ̀ agbépo bá ṣubú, kò sí ẹni tí a máa kọ́ ní sísá. Èyí tó ń kán tó, tó, tó nídìí rọ́bà ni a kì í kà sí, òun ni mo fẹ́ sọ lóṣù yìí.

Ká ní ọkọ̀ agbépo ń já epo sínú tánkì abẹ́ ilẹ̀, tí ibi tí wọ́n ti so rọ́bà mọ́ ọkọ̀ náà kò le dáadáa. Kí dẹ́rẹ́bà tó dé ibẹ̀ kó tì í, epo ti tẹ́ sórí kọnkéré. Ẹlòmíì á ní "ó dà díẹ̀", ẹlòmíì á ní "ó pọ̀ gan-an". Èwo ni kí panápaná gbà? Lítà ni kí ẹ sọ fún wọn, kò sì le láti mọ̀. Epo tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì nípọn ní mìlímítà kan, lítà kan gééré ni. Ìṣísẹ̀ gígùn kan ti àgbàlagbà súnmọ́ mítà kan. Ẹ dúró lókèèrè kí ẹ fojú wọ̀n ọ́n. Bó bá gùn tó 4, tó fẹ̀ tó 3, ìyẹn 12. Bó bá nípọn bí owó ẹyọ, ìyẹn bíi mìlímítà 2, lítà 24 ló wà nílẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25.

Orí kọnkéré tó tẹ́jú ni ìṣirò yìí ti ṣeé gbára lé. Lórí yẹ̀pẹ̀, ilẹ̀ á ti mu nínú rẹ̀, oòrùn náà á sì fa tirẹ̀. Nítorí náà, máníjà gbọ́dọ̀ ki ọ̀pá ìwọn bọ tánkì. Bí lítà 3,000 bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọkọ̀ já 10,000 tán, tí a kò ta nǹkan kan, 13,000 ló yẹ kó wà. Bí ọ̀pá bá sọ 12,970, ọgbọ̀n lítà ló sọnù. Ọ̀pá náà lè ṣì í díẹ̀, torí náà ẹ sọ méjèèjì: ojú sọ 24, ọ̀pá sọ 30.

Kì í ṣe epo tí ẹ rí ló kọ́kọ́ ń gbaná, oru rẹ̀ ni. Oru bẹntiróòlù wúwo tó afẹ́fẹ́ lọ́nà mẹ́ta sí mẹ́rin, ìyẹn ló fi ń rá nílẹ̀, tó ń wọ gọ́tà lọ bá iná ẹni tó ń dín àkàrà. Ẹ má sọ pé òtútù ọyẹ́ á dá a dúró. Òtútù ilẹ̀ wa kò tó bẹ́ẹ̀, gbígbẹ ọyẹ́ sì tún máa ń jẹ́ kí aṣọ àti ike ta iná pàrà.

Ní Akra, ní orílẹ̀-èdè Gánà, ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2015, òjò ńlá rọ̀, àgbàrá sì gbé epo jáde láti ilé epo kan ní oríta Kwame Nkrumah. Àwọn èèyàn sá òjò síbẹ̀. Epo léfòó lórí omi, iná sì ràn án. Àwọn tó kú lé ní 150. Ìdí nìyí tí a kì í fi omi ṣan epo lọ sínú gọ́tà. Yanrìn gbígbẹ ni kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé epo fi dínà fún un.

Kí ẹni tó wà nídìí iná fi yanrìn bò ó kíákíá. Ṣùgbọ́n bí òórùn epo bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó fi ìkòkò sílẹ̀ kó máa lọ. Ọlọ́kadà kò gbọdọ̀ ta kíìkì, kó ti alùpùpù rẹ̀ jáde ni. Jẹnẹrétọ̀ tí oru ti yí ká, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀, torí pípa iná náà lè ta pàrà. Suwíìṣì ńlá tó jìnnà sí pọ́ǹpù ni kí òṣìṣẹ́ fi pa gbogbo iná.

Kí èèyàn kúrò tó mítà 50 níbi gbogbo, kí wọ́n sì gba ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Eruku á fi hàn yín. Nígbà ọyẹ́, ìhà àríwá ìlà-oòrùn ló sábà máa ń ti wá. Mo mọ̀ pé lítà 24 lówó lórí lóde òní, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé abọ́ wá gbọ́n ọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lé.

Nígbà tí ẹ bá ti jìnnà, ẹ pe 112. Ẹ wí báyìí pé: "Bẹntiróòlù ni, ó tó lítà 24 sí 30. Ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, a ti tì í, kò jò mọ́. Kò tíì dé gọ́tà. A ti pa iná, èèyàn ti kúrò." Máníjà ni yóò fi irú iye kan náà ránṣẹ́ sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó rọ́pò Dí-Pí-Á ní 2021. Kí ẹnikẹ́ni má padà sídìí igbá rẹ̀ títí wọ́n á fi kó yanrìn tó mu epo náà kúrò, tí panápaná á sì ní ó tó.