Iṣẹ́ Tí Tán-án-ná Ń Ṣe Láàrin /t/ àti /d/

Pe gbólóhùn méjì yìí: "Ó tà á." "Ó dà á." Nínú ọ̀kan, ènìyàn kan ta ọjà, nínú èkejì, ó da omi nù. Ohùn orí wọn kò yàtọ̀, fáwẹ̀lì wọn kò yàtọ̀, ibi tí ahọ́n sì ti kan òkè ẹnu, ní erìgì lẹ́yìn eyín òkè, ọ̀kan náà ni. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò fi ọ̀kan pe èkejì. Ohun tó yà wọ́n kò sí lẹ́nu. Inú gògóńgò ló wà.

Inú gògóńgò yìí ni tán-án-ná wà: iṣan ẹlẹ́ran méjì tó dojú kọ ara wọn, tí èémí láti inú ẹ̀dọ̀fóró gbọ́dọ̀ gba àárín wọn kọjá. Bí a bá fẹ́ pe /t/, a máa ń fà wọ́n jìnnà síra, èémí á sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí a bá fẹ́ pe /d/, a máa ń mú wọn súnmọ́ra, ṣùgbọ́n a kì í fún wọn pinpin. Èémí á tì wọ́n ṣí láti ìsàlẹ̀. Bó ti ń sáré gba àlàfo tóóró náà kọjá, agbára tó fi ń tì wọ́n síta á dínkù, rírọ̀ ara wọn á sì dá wọn padà. Èémí á tún tì wọ́n, wọ́n á tún padà. Bí ọmọdé bá fẹ́ ètè rẹ̀ papọ̀ tó ń ṣe "bùrùrù", ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ètè rẹ̀.

Lóhùn ọkùnrin àgbà, ó ń ṣẹlẹ̀ bí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lóhùn obìnrin, bí ìgbà 200. Kò sí iṣan tí ọpọlọ lè pàṣẹ fún lọ́kọ̀ọ̀kan báyẹn. Ọpọlọ kàn ń to tán-án-ná sí ipò ni. Èémí àti rírọ̀ ara ló ń ṣe ìyókù. Janwillem van den Berg, onímọ̀ ará Nẹ́dálándì, ló ṣàlàyé èyí kedere ní 1958. Ìgbọ̀n yìí la ń gbọ́ bí ìkùnyùn, ìdí nìyẹn tí /d/ fi jẹ́ akùnyùn, tí /t/ sì jẹ́ àìkùnyùn. Báyìí náà ni /k/ àti /g/ ṣe rí nínú "kún" àti "gún", àti /p/ àti /gb/ nínú "pé" àti "gbé".

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ti máa ń ṣìnà ni àyẹ̀wò. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé gògóńgò, wọ́n á pe "tí", ọwọ́ á gbọ̀n, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé akùnyùn ni /t/. Fáwẹ̀lì ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbọ̀n; gbogbo fáwẹ̀lì tí a bá pè jáde lóhùn ló ń kùnyùn. Kọ́kọ́ fi ìró tó ṣeé fà gùn dá ọwọ́ rẹ lẹ́kọ̀ọ́: "sssss", kò sí ìgbọ̀n, "mmmmm", ọwọ́ á gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, padà sí "Ó tà á". Pè é díẹ̀díẹ̀, kí o sì dúró nígbà tí ahọ́n ṣì lẹ̀ mọ́ erìgì. Ní àkókò yẹn, ọ̀fun dákẹ́. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún "Ó dà á": ìkùnyùn ń lọ lábẹ́ ẹnu tó dí.

Kò ní pẹ́ tí á fi dá dúró, ohun tó sì wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Di ètè pa, kí o gbìyànjú láti fa /b/ gùn láìṣí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ohùn á sì kú. Èémí gbọ́dọ̀ ríbi lọ kí tán-án-ná tó lè máa gbọ̀n; bí ẹnu bá kún, tí agbára èémí òkè bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, ìgbọ̀n parí. Wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti sísọ̀kalẹ̀ gògóńgò ló ń fi ààyè díẹ̀ kún un. Fún /g/, ẹ̀yìn ahọ́n ló dí ọ̀nà, àyè tó kù lẹ́yìn rẹ̀ sì kéré púpọ̀, nítorí náà òun ló ṣòro jù láti mú kùnyùn. Kò yani lẹ́nu pé èdè àwọn ará Nẹ́dálándì ní /b/ àti /d/, àmọ́ kò ní /g/ àyàfi nínú ọ̀rọ̀ àyálò.

Ẹ má gbàgbé pé tán-án-ná yìí kan náà ló ń gbé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ wa: bó bá gbọ̀n yára, ohùn lọ sókè. Bí o bá wo "ń" nínú "ó ń lọ", wàá rí i pé kọ́nsónáǹtì ló gbé ohùn òkè yẹn dání. Kì í ṣe gbogbo akùnyùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lédè Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí àìkùnyùn kankan tó lè ṣe é.