Bí Súpáfáísọ̀ Ṣe Ń Bẹ Òṣìṣẹ́ Kó Gba Ṣíìfù Ẹlòmíràn

Ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan n'Ìbàdàn, ṣíìfù méjì ló wà: ti àárọ̀, agogo 7 sí agogo 2 ọ̀sán, àti ti ọ̀sán, agogo 2 sí agogo 9 alẹ́. Kaṣíà kan ní ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀sán ló sì yẹ kó ṣe. Súpáfáísọ̀ wá kọ̀wé sórí fóònù Ìyá Ìbejì, òṣìṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, pé:

“Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa ṣe ọ̀sán Sátidé yìí, ọjọ́ 14, ní káńtà kejì? Mo ti wo rọ́sítà, ẹ ò níṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹni tẹ́ ẹ bá gba tiẹ̀ ti gbà láti ṣe ọ̀sán tiyín ní Sátidé ọjọ́ 21. Bí kò bá rọrùn, kò séwu. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ kí agogo 6 ìrọ̀lẹ́ òní tó lù.”

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dúró ni pé ẹ̀san náà ní ọjọ́. “A ó san án fún yín” kò tó, torí tí oṣù bá parí, kò sẹ́ni tó máa rántí. Sátidé ni wọ́n sì fi san Sátidé, nítorí pé èrò inú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Túsìdeé.

Súpáfáísọ̀ gbọ́dọ̀ ti bá kaṣíà náà sọ̀rọ̀ kó tó fi ọjọ́ rẹ̀ ṣèlérí. Rọ́sítà ló sì kọ́kọ́ wò: ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn lágogo 9 alẹ́, tó tún ní láti ṣí i lágogo 7 àárọ̀, wákàtí 10 péré ló ní, tòun ti ìrìn ọkọ̀ lọ-bọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ọ̀gá sábà máa ń dún bí àṣẹ. Ìdí nìyí tí “kò séwu” fi wà níbẹ̀, tó sì fi yẹ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ìyá Ìbejì nìkan, kì í ṣe lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Aago tó dá fún ìdáhùn wà kí àyè lè wà láti bi ẹlòmíràn.

Bí Ìyá Ìbejì bá gbà, iṣẹ́ ṣì kù. Kí súpáfáísọ̀ yí orúkọ ọjọ́ méjèèjì padà lórí rọ́sítà lẹ́ẹ̀kan náà; bí ó bá yí ti ọjọ́ 14 nìkan, ọjọ́ 21 á dé, wọn á sì kọ ọ́ pé Ìyá Ìbejì pa iṣẹ́ jẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, kó ka owó ṣéńjì káńtà náà níṣojú Ìyá Ìbejì, kó sì rí i pé nọ́ńbà ìwọlé tirẹ̀ ló fi ṣí ẹ̀rọ. Bí ó bá lo ti kaṣíà tó lọ síbi ìgbéyàwó, tí owó sì dín lálẹ́, ọrùn ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni gbèsè máa já sí.