Oṣù Kejìlá Máa Ń Tan Oníṣòwò: Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Ìtajà Oṣooṣù

Bí ẹ bá bi oníresì kan ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn pé báwo lọjà, ohun tójú rẹ̀ rí lóṣù tó kọjá ni yóò fi dá yín lóhùn. Lóṣù kejìlá, ọjà ń yá. Lóṣù kìn-ín-ní, ọjà dákú. Òótọ́ ni ìdáhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ bóyá òwò rẹ̀ ń ga sí i ni tàbí ó ń lọ sílẹ̀. Inú ìwé tó ń kọ ọjà tó tà sí lóṣooṣù lèyí wà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ìyá oníresì kan wò ó. Ó ń kọ iye àpò tó tà lóṣù kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé lópin ọdún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi fóònù ya fọ́tò ìwé náà, ó sì tẹ iye inú rẹ̀ sínú Excel.

| Oṣù | 2023 | 2024 |
|---|---|---|
| 1 | 40 | 34 |
| 2 | 28 | 36 |
| 3 | 48 | 50 |
| 4 | 70 | 49 |
| 5 | 46 | 39 |
| 6 | 56 | 44 |
| 7 | 42 | 38 |
| 8 | 40 | 36 |
| 9 | 42 | 37 |
| 10 | 46 | 41 |
| 11 | 57 | 50 |
| 12 | 97 | 86 |
| Àpapọ̀ | 612 | 540 |

Àpò ni màmá yìí kọ, kì í ṣe náírà, ohun tó sì dára jù nìyẹn. Ká ní ₦50,000 ló ta àpò kan ní 2023, tó sì tà á ní ₦80,000 ní 2024, owó tó wọlé yóò ti kúrò ní mílíọ̀nù 30.6 bọ́ sí mílíọ̀nù 43.2. Ẹni tó bá ń ka owó yóò ní òun ń gòkè, bẹ́ẹ̀ àpò 72 ló ti dín nínú ọjà rẹ̀.

Kí ọmọ náà tó ṣírò ohunkóhun, ó ní láti mọ̀ pé ohun tó wà nínú fọ́tò gan-an lòun tẹ̀. Àpapọ̀ tí màmá fọwọ́ kọ ni yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó kọ́kọ́ ro 2023 pọ̀, 630 ló bá lójú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ 612 ló wà nínú ìwé. 18 ni ìyàtọ̀ rẹ̀, 9 sì pín 18 láìṣẹ́kù. Bí ìyàtọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ohun téèyàn kọ́kọ́ ń wá ni ibi tí òǹkà méjì ti gba ipò ara wọn. Lóòótọ́, ó ti tẹ 64 dípò 46 lóṣù kẹwàá. Bó bá jẹ́ pé 1 ló kà sí 7, ìyàtọ̀ náà yóò jẹ́ 6 tàbí 60, nítorí náà kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni 9 ń tú fó.

Àpótí tó ṣófo náà léwu. `AVERAGE` inú Excel kì í ka àpótí tó ṣófo, ṣùgbọ́n ó ń ka 0. Bí màmá bá ti ìsọ̀ pa lóṣù kan tí kò ta nǹkan kan, 0 ló yẹ kí ọmọ tẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbàgbé láti kọ ọ́ ni, kò gbọdọ̀ tẹ 0. Fọ́tò kò lè sọ èyí tó jẹ́. Màmá ni yóò bi.

Ní báyìí, báwo la ṣe ń mú ariwo ọdún Kérésìmesì kúrò? A ó ro oṣù méjìlá tó tẹ̀ lé ara wọn pọ̀, a ó fi 12 pín in. 612 pín sí 12 jẹ́ 51. Lẹ́yìn náà, a ó yọ oṣù kìn-ín-ní 2023, a ó fi ti 2024 rọ́pò rẹ̀: àpapọ̀ di 606, ìpíndọ́gba di 50.5. Bẹ́ẹ̀ la ó máa sún un lóṣù kọ̀ọ̀kan títí a ó fi dé 2024 látòkèdélẹ̀, tó jẹ́ 45. Ìdí tó fi jẹ́ méjìlá ni pé bó ti wù ká sún un tó, oṣù kejìlá kan ṣoṣo àti oṣù kìn-ín-ní kan ṣoṣo ni yóò máa wà nínú rẹ̀. Bí a bá lo oṣù mẹ́ta, ọjà Kérésìmesì yóò gbé ìpíndọ́gba ga, yóò sì tún jù ú sílẹ̀ bó bá ti jáde.

Ṣùgbọ́n oṣù méjìlá kò ní oṣù kan pàtó láàárín. Àárín rẹ̀ bọ́ sáàárín oṣù kẹfà àti ìkeje. Ìdí nìyí tí a fi ń mú ìpíndọ́gba méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ká tún wá ìdajì àpapọ̀ wọn. Bí iye àpò bá wà ní òpó B, láti ìlà 2 dé 25, ohun tí a ó tẹ̀ sí C8, tó jẹ́ oṣù keje 2023, nìyí:

```
=(AVERAGE(B2:B13)+AVERAGE(B3:B14))/2
```

A ó fà á dé C19. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ àti mẹ́fà ìkẹyìn kò ní ní ìdáhùn, nítorí oṣù tí a fẹ́ fi ṣírò wọn kò sí nínú ìwé.

Ìgbà wo wá lọjà ń yá? A ó fi ìpíndọ́gba pín ohun tí a tà: `=B8/C8`. Fún oṣù kejìlá 2023, ìpíndọ́gba jẹ́ 48.5, àpò 97 ló sì tà, ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́. Oṣù kìn-ín-ní 2024 jẹ́ 0.71. Ìwé ọdún méjì ń fún wa ní ẹyọ kan péré fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé bá pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a lè fi ti ọdún kan gbé ti èkejì wò.

Oṣù kẹrin ni kò ṣeé fọkàn tán. Ọjà rẹ̀ já láti 70 sí 49, ìdá 30 nínú 100. Ṣùgbọ́n òṣùpá ni ọdún ìtùnú ààwẹ̀ ń tẹ̀ lé, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún: April 21 ni ní 2023, April 10 ní 2024, March 30 ní 2025. Apá kan ọjà ọdún náà ti bọ́ sínú oṣù kẹta. Bí a bá ro oṣù méjèèjì pọ̀, láti 118 sí 99 ló lọ, ìdá 16 péré. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ ìtùnú àti iléyá sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oṣù kejì 2023. Ọmọ béèrè pé, "Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ta 28 péré?"

"Ṣé o ti gbàgbé ìgbà tí owó tuntun wọ́n ni? Àwọn èèyàn fẹ́ rà, kò sówó lọ́wọ́."

Ìyẹn kì í ṣe àsìkò. Ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni. Ó sì ti fa 51 yẹn wálẹ̀ díẹ̀, tó túmọ̀ sí pé òwò náà lọ sílẹ̀ ju bó ṣe hàn lọ.

Nígbà tí 2025 bá wọlé, kí ni kí màmá máa retí? Àárín ọdún 2024 ni 45 ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kì í ṣe ìparí rẹ̀. Òwò ń fi nǹkan bí ìdajì àpò dín lóṣooṣù, nítorí náà a ó ka oṣù kìn-ín-ní 2025 sí 42. Ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú 0.71 jẹ́ nǹkan bí àpò 30. Bó bá ta 33, kó má fi wé 86 ti Kérésìmesì kó wá máa kígbe pé ọjà kú. Ó ti ta ju ohun tó yẹ kí oṣù náà mú wá lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì àti ìkẹta pẹ̀lú, ìgbà yẹn ló lè sọ pé ìlọsílẹ̀ ọdún méjì náà ti ń dáwọ́ dúró, kó sì fi ìyẹn pinnu iye tó máa rà lọ́wọ́ alágbàtà.