Ìbéèrè Kẹfà

Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kàwé gboyè kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi ìwé ìbéèrè CASP yẹ ìwádìí wò. Èyí tó wà fún ìwádìí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn ní ìbéèrè mẹ́wàá, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí kò hàn.

Ìkẹfà ni wọ́n máa ń sáré kọjá: ǹjẹ́ olùwádìí ro àjọṣe òun àtàwọn tó bá sọ̀rọ̀ dáadáa?

Ká ní nọ́ọ̀sì kan fọ̀rọ̀ wá aláìsàn méjìlá lẹ́nu wò nípa ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ní wọ́ọ̀dù tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fún wọn lóògùn. Gbogbo wọn ní ìtọ́jú dáa. Ta ni yóò sọ lójú ẹni tó ń gbé abẹ́rẹ́ bọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà ń pẹ́ jù? Yẹ ibi tó ti ṣàlàyé bó ṣe ṣe iṣẹ́ náà wò. Ṣé ó sọ ẹni tí òun jẹ́ sí wọn? Ṣé ó ní kí ẹlòmíràn bá òun béèrè, tàbí ó dúró dìgbà tí wọ́n relé? Bó bá kàn kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ inú ìwádìí fọwọ́ sí i, ìbéèrè keje nìyẹn dáhùn. Kọ “kò hàn”, kó o sì sọ ìdí.

Má ka “bẹ́ẹ̀ ni” mẹ́sàn-án bíi máàkì o. Àwọn tó ṣe CASP gan-an ò dámọ̀ràn máàkì. Ìwádìí yìí sọ ohun tí aláìsàn ń wí lójú nọ́ọ̀sì wọn. Kò fi hàn pé ìrora wọn ń rọlẹ̀ lásìkò.