Èló Ni Fóònù Àlòkù Yìí Ń Lọ?

Ẹni tó bá gbé iPhone 11 àlòkù lọ tà ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, Ìkẹjà, sábà máa ń fọkàn sí iye tó fi rà á. Kò sí oníbàárà tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Iye tí irú rẹ̀ ń lọ lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, wọn á wá máa yọ owó àtúnṣe kúrò.

Ká ní èyí tó mọ́ ń lọ ní 250,000 náírà. Àpẹẹrẹ lásán ni o, torí pé iye náà ń yí bí dọ́là bá ṣe ń yí. Ẹ̀yìn tẹni tó fẹ́ tà yìí ti sán, bátìrì rẹ̀ sì ti wálẹ̀ sí 78%. Bí wọ́n bá máa fi 25,000 tún ẹ̀yìn ṣe, tí bátìrì jẹ́ 30,000, ó ku 195,000. Ẹni tó fẹ́ lò ó fúnra rẹ̀ lè san iye yẹn. Ẹni tó máa tún un tà ní láti jèrè, kò sì ní fẹ́ san ju 170,000 lọ.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí ló ń tan àwọn èèyàn jù. Inú Settings, lábẹ́ Battery, ni Battery Health wà. Apple ní bátìrì irú fóònù yìí yẹ kó ṣì ní 80% lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á lágbára ní ìgbà 500. Ọdún 2019 ni iPhone 11 jáde, nítorí náà 78% kì í ṣe àrùn. 100% gan-an ló yẹ kó kọ èèyàn lóminú, torí ó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì. Bí Settings > General > About bá kọ Unknown Part sí iwájú Battery, fóònù náà kò dá bátìrì ọ̀hún mọ̀ nìyẹn.

Àwọn atúnfóònùṣe kan tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ yí iye náà padà. Kí olùrà kàn wo fídíò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: bí agbára bá já lójijì láti 40% sí 28%, irọ́ ni iye tó rí. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kí ẹni tó fẹ́ ta fóònù sáré lọ ra bátìrì olówó pọ́ọ́kú sínú rẹ̀. Owó yẹn á lọ, ìfura á sì bẹ̀rẹ̀.

Ojú fóònù tó ha díẹ̀ kì í dín owó kù púpọ̀. Àmọ́ Face ID tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ máa ń gé e gan-an, torí àtúnṣe rẹ̀ kò rọrùn.

Lẹ́yìn náà ló kan ohun tí ará àdúgbò ń fẹ́. iPhone 14 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò ní ojú ihò síìmù rárá, eSIM nìkan ló ń lò. Èyí tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù ní ihò síìmù. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ lè yọ síìmù wọn sínú fóònù míì nígbà tí iná bá tán. Nítorí náà, tará Lọ́ńdọ̀nù ló ń tètè tà, ó sì ń wọ́n jù, bí méjèèjì tiẹ̀ mọ́ bákan náà. Kí ẹni tó fẹ́ tà béèrè ohun méjì ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta: èló ni wọ́n ń tà á, èló ni wọ́n máa rà á? Àárín iye méjèèjì ni tirẹ̀ máa bọ́ sí.