Òótọ́ àbí irọ́? "Kò sẹ́ni tí láàbù ò ní rí ibà lára rẹ̀"

Ní Ìyànà Ọ̀fà àti àwọn abúlé oko Lágelú tó yí i ká, ọ̀rọ̀ yìí ò wọ́n lẹ́nu àwọn èèyàn. Irọ́ ni. Àṣìṣe ojú tó ń wo síláìdì sì wà lára ohun tó ń bí i.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fi wá ibà máa ń nípọn lórí gíláàsì. Nígbà tí wọ́n bá da aró Gíímsà sí i, omi inú aró á mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa bẹ́. Ohun tó kù ò ju sẹ́ẹ̀lì funfun, pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì àti kòkòrò ibà, bó bá wà níbẹ̀.

Kòkòrò náà gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ méjì: ẹ̀kán pupa kékeré kan, pẹ̀lú búlúù tó so mọ́ ọn. Pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì náà kéré, àmọ́ àwọ̀ àlùkò lásán ni, kò sí búlúù lára rẹ̀. Pàǹtí aró ńkọ́? Dúdú ni. Tí wọ́n bá yí máíkíróskóòpù díẹ̀, ó lè hàn kedere nígbà tí sẹ́ẹ̀lì funfun ti di bàìbàì, torí orí ẹ̀jẹ̀ ló jókòó sí. Ẹni tí kò sẹ́ aró rẹ̀, tó sì ń kánjú, á pe méjèèjì ní ibà.

"Pílọ́ọ̀sì kan ni wọ́n kọ, ibà ló ń ṣe é nìyẹn." Èyí náà ò dúró. Pílọ́ọ̀sì kan lè jẹ́ kòkòrò kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ojú tí lẹ́ńsì kó. Àgbàlagbà tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré lè gbé irú èyí kiri láìṣàìsàn, kí ó sì jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń mú ara rẹ̀ gbóná. Ibí yìí ni òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn.

Kíkà ló dára jù. Ká ní ara ọmọ ọdún mẹ́ta kan ń gbóná. Òṣìṣẹ́ láàbù á ka sẹ́ẹ̀lì funfun dé 200, á sì máa ka kòkòrò bó ṣe ń bá a lọ. Bó bá rí kòkòrò 150, á pín in sí 200, á wá sọ ọ́ di ìlọ́po 8,000, iye sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n gbà pé ó wà nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ó di 6,000. Bí ọmọ bá ti lo oògùn fún ọjọ́ mẹ́ta, iye yẹn la ó fi mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tí sẹ́ẹ̀lì funfun ọmọ náà bá jìnnà sí 8,000, ìṣirò náà á yẹ̀.

"Wọn ò rí i, kò sí nìyẹn." Rárá o. Ọgọ́rùn-ún ojú ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò kí wọ́n tó sọ pé kò sí. Bí kòkòrò ibà tó le jù níhìn-ín bá dàgbà, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ara, kì í sí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìka. Nítorí náà, bí ara ọmọ bá ṣì ń gbóná, kí wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún.