Aago Tó Ń Fi Wákàtí Kan Sẹ́yìn

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn fi Línúkìsì kún Wíńdóòsì tó wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Aago 2:10 ọ̀sán ló kúrò nínú Línúkìsì. Bó ṣe tan Wíńdóòsì, ohun tó rí lójú ẹ̀rọ ni 1:12. Ó fọwọ́ tún un ṣe. Nígbà tó padà sí Línúkìsì ní aago 5:00 ìrọ̀lẹ́, láìsí dátà lórí ẹ̀rọ, 6:00 ló bá níbẹ̀.

Bátìrì ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ó ra tuntun, aago kò sì yí padà.

Inú kọ̀ǹpútà ní aago kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ wà ní pípa. Bátìrì tó rí bí owó ẹyọ ló ń gbé e ró. Wákàtí àti ọjọ́ ni aago náà mọ̀, kò mọ ìlú tó wà. Wíńdóòsì gbà pé aago ìlú ẹni ló wà nínú rẹ̀, àṣà tó jogún láti ayé DOS. Línúkìsì ní tirẹ̀ gbà pé aago àgbáyé ni, èyí tí ẹ̀rọ ń kọ ní UTC, ó sì ń fi wákàtí 1 kún un fún Nàìjíríà. Nítorí náà, bó bá di aago 2:00 lọ́dọ̀ wa, Línúkìsì á kọ 1:00 pamọ́, Wíńdóòsì á sì kà á bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí àṣìṣe náà kò fi hàn ní Lòmé, níbi tí aago ìlú ti bá ti àgbáyé mu. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń fara pamọ́ nígbà òtútù, ó sì ń yọjú ní ìparí oṣù kẹta tí wọ́n bá sún aago síwájú. Bó bá jẹ́ bátìrì ló kú, ọjọ́ àti ọdún náà á máa padà sẹ́yìn. Kì í ṣe wákàtí 1 géérégé.

Wíńdóòsì ló yẹ ká tún ṣe, torí Línúkìsì fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé aago ìlú lè dá wàhálà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sún aago. Ẹ wá Command Prompt, ẹ fi Run as administrator ṣí i, kí ẹ tẹ èyí:

```
reg add "HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Control\TimeZoneInformation" /v RealTimeIsUniversal /t REG_DWORD /d 1 /f
```

Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tún un tàn. Wákàtí 1 lè lé lórí aago nígbà àkọ́kọ́, nítorí ohun tí Wíńdóòsì kọ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ Sync now níbi ètò aago, á tọ́.

Bí Wíńdóòsì bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́, tí ẹ kò láṣẹ láti fọwọ́ kàn án, ẹ lè yí Línúkìsì dípò rẹ̀:

```
sudo timedatectl set-local-rtc 1
```

Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ṣe wọ́n pọ̀ ti tún da àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, aago á sì tún máa ṣì.